Ìtọ́sọ́nà fún Ṣíṣètò Ọ̀wọ́ Fídíò Ọlọ́jọ́ Méje: Ìlù Dùndún Gẹ́gẹ́ Bí Àpẹẹrẹ

Ọ̀wọ́ fídíò ọlọ́jọ́ méje ni pé kí ènìyàn máa gbé fídíò kúkúrú kan jáde lójúmọ́ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, kí gbogbo wọn sì so mọ́ kókó kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ nílùú Ọ̀yọ́ ni ó ní fóònù tí ó lè ṣe iṣẹ́ yìí, tí wọ́n sì ní iṣẹ́ tí ojú ń fẹ́ẹ́ wò. Ohun tí ó máa ń wọ́n ni ètò. Lọ́jọ́ Ajé wọn yóò fi igi tí wọ́n ń gbẹ́ hàn, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun wọn yóò fi ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ wọn sí i, bí ó bá sì di Ọjọ́rú, ẹnikẹ́ni kò ní rí nǹkan kan.

Àpẹẹrẹ kan ni a ó tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé agbo ilé onílù kan ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ṣe dùndún tí wọ́n sì ń lù ú, fẹ́ kí àwọn ènìyàn mọ iṣẹ́ wọn, kí àwọn tí yóò ra ìlù sì mọ ibi tí wọn yóò wá. Mo yan ìlù nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀, gbogbo ẹni tí ó bá sì gbọ́ ọ ni ó máa ń fẹ́ mọ ohun tí ó sọ. Afíngbá tàbí ẹni tí ń ta ẹlùbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè tẹ̀ lé ìgbésẹ̀ kan náà, n ó sì fi ibi tí tirẹ̀ ti yàtọ̀ hàn.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Dín kókó náà kù títí yóò fi wọ inú gbólóhùn kan

"Àṣà Yorùbá" fẹ̀ jù fún ọjọ́ méje. "Ìlù Yorùbá" náà ṣì fẹ̀ jù, nítorí pé bàtá, gbẹ̀du, sákárà àti dùndún ni yóò jọ máa du ọ̀sẹ̀ kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí a bá sọ pé "dùndún" nìkan, a ti súnmọ́ ọn, ṣùgbọ́n a kò tíì sọ ohun tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀. Ibi tí èmi yóò dúró sí nìyí: "Bí dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀, àti ohun tí ó ń jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀." Gbólóhùn yìí ní ẹnu àlà. Bí èrò kan bá wá síni lọ́kàn, a ó gbé e sí iwájú gbólóhùn náà, a ó sì mọ̀ bóyá inú ni ó wà tàbí ìta.

Ọ̀nà tí a lè gbà dán kókó wò kò le. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ fi ààbọ̀ wákàtí kọ gbogbo ohun tí a lè sọ lábẹ́ gbólóhùn yẹn sílẹ̀. Bí wọn kò bá tó 10, kókó náà ti há jù, ẹ óò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ara yín sọ ní ọjọ́ karùn-ún. Bí wọ́n bá lé ní 30, tí ọwọ́ kò sì tíì dúró, ó ti fẹ̀ jù. Fún dùndún, ohun tí yóò jáde yóò tó bíi 15: igi rẹ̀, awọ rẹ̀, ọṣán tí ó so ojú rẹ̀ méjèèjì pọ̀, kọ̀ǹgọ́ tí a fi ń lù ú, ṣaworo tí ń dún lẹ́nu rẹ̀, orúkọ àwọn ìdílé onílù, iṣẹ́ gúdúgúdú, bí wọ́n ṣe ń fi ìlù kí ọba, bí ọmọdé ṣe ń kọ́ ọ, bí a ṣe ń tún èyí tí awọ rẹ̀ ya ṣe, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn èyí ni gígé. Ìtàn àwọn Aláàfin yóò kúrò, bí ó tilẹ̀ dùn, nítorí pé ó wà lẹ́yìn àlà. Bàtá náà yóò kúrò. Ó máa ń dunni láti yọ bàtá kúrò ní Ọ̀yọ́, ìlú Ṣàngó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí bàtá ń gbà sọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí ti dùndún, àlàyé rẹ̀ yóò sì gba ọ̀sẹ̀ tirẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé mìíràn, kí ẹ fi pamọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: Yan ìdẹ ìbẹ̀rẹ̀ kan tí yóò máa padà wá lójoojúmọ́

Ìdẹ ìbẹ̀rẹ̀ ni ohun tí olùwòran kọ́kọ́ rí tàbí tí ó kọ́kọ́ gbọ́, kí ó tó pinnu bóyá òun yóò dúró tàbí òun yóò fi ìka ta fídíò náà kọjá. Nínú ọ̀wọ́, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Ó ń dá olùwòran dúró, ó sì ń jẹ́ kí ẹni tí ó ti rí ti àná mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ti òní ti dé. Nítorí iṣẹ́ kejì yìí ni ìrísí rẹ̀ kò fi gbọdọ̀ yí padà, bí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ ń yí padà lójoojúmọ́.

Fún dùndún, ètò ìdẹ náà nìyí. Àwòrán bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ àti ìlù nìkan, ojú ẹnikẹ́ni kò hàn. Onílù yóò lu gbólóhùn kan fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Ohùn kan yóò béèrè pé, "Kí ni ìlù sọ?" Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà yóò tẹ̀ lé e, ìdáhùn yóò sì wá ní ìparí. Ọwọ́, ìlù, ìbéèrè àti ibi tí ìdáhùn ń wà kò ní yí padà fún ọjọ́ méjèèje. Gbólóhùn tí ìlù ń sọ nìkan ni yóò máa yí.

Yíyan gbólóhùn ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti gba ìmọ̀ jùlọ, nítorí pé ìlù kì í pe lẹ́tà. Ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ni ó ń gbé jáde. Bí onílù bá lu ohùn àárín kan tí ó sì fi ohùn òkè kan tẹ̀ lé e, ó lè jẹ́ "owó" ni ó wí, ó lè jẹ́ "ilé", ó lè jẹ́ "igbá", ó sì lè jẹ́ "ọkọ́" tí a fi ń roko. Kò sí ẹni tí ó lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Ìdí nìyí tí àwọn onílù fi ń lo òwe, oríkì àti gbólóhùn gígùn tí etí ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn ìdẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ òwe tàbí àdúrà tí gbogbo ènìyàn mọ̀, kí ó má kéré sí sílébù mẹ́jọ, kí ó má sì gùn ju ohun tí èémí kan lè sọ lọ.

Ẹ wo "Igi gogoro má gùn mí lójú." Sílébù márùn-ún àkọ́kọ́ dúró sí ohùn àárín kan náà, ohùn wá gòkè lójijì, ó já sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sókè, ó dúró síbẹ̀ títí dé òpin. Ìrìn rẹ̀ hàn gbangba, ẹni tí kò gbọ́ ìlù rí pàápàá lè mọ̀ ọ́n. Irú èyí ni ó yẹ ọjọ́ kìíní, nítorí pé ọjọ́ kìíní ni olùwòran ń kọ́ bí eré náà ṣe rí. Bí ó bá kùnà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò ní gbìyànjú lọ́jọ́ kejì.

Òfin kan wà tí èmi kò ní fi ṣeré: ìdáhùn gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Bí ìlù bá sọ òwe nípa igi, ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà ní láti jẹ́ ti igi. Bí àwọn méjèèjì kò bá bára mu, olùwòran tí ó dúró de ìdáhùn yóò rò pé a fi ìlù tan òun jẹ ni, kò sì ní dúró mọ́.

Ó tún yẹ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ yóò bọ́ sí. Fún ọjọ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìlù ní ààfin, òwe tí ó kọ́kọ́ máa ń wá síni lọ́kàn ni "Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Ó gbajúmọ̀, ó sì rọrùn láti mọ̀ lórí ìlù, ṣùgbọ́n kò bójú mu kí onílù Ọ̀yọ́ máa fi ìlù sọ ọ̀rọ̀ iná mọ́ ilé ọba nígbà tí ó ń sọ̀rọ̀ ààfin. Èyí tí ó yẹ ni "Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀." Kí a tó gba gbólóhùn èyíkéyìí wọlé, kí a kọ́kọ́ lù ú fún àgbà kan nínú ilé. Ìlù lè bú ènìyàn láìjẹ́ pé ẹni tí ó ń lù ú mọ̀.

Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ohùn, ojú ni kí ó lò. Ẹni tí ń ta ẹlùbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè bẹ̀rẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú ọwọ́ tí ó ń fi ìka méjì ra ìyẹ̀fun, kí ó béèrè pé, "Ṣé ti iṣu ni àbí ti ẹ̀gẹ́?" Afíngbá lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ojú ọnà kan tí ó súnmọ́ kámẹ́rà débi pé a kò tíì mọ̀ bóyá ẹyẹ ni tàbí ewé, kí ó wá fa fóònù sẹ́yìn ní ìparí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Pín ọjọ́ méje sí irú ọ̀rọ̀ tí ó yàtọ̀ síra

Kókó kan náà ni, ìdẹ kan náà ni. Bí irú ọ̀rọ̀ náà bá tún jẹ́ ọ̀kan, ọ̀wọ́ náà yóò súni. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ ni kí oníṣẹ́ ọwọ́ fi ọjọ́ méjèèje fi bí a ṣe ń ṣe é hàn: bí a ṣe ń gbẹ́ ẹ, bí a ṣe ń fá a, bí a ṣe ń so ó. Ojú rẹ̀ ni ó dùn mọ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n olùwòran kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Nínú ìwé tí a kọ ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ irú tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ohun èlò, iṣẹ́ ṣíṣe, ènìyàn, ìfiwéra, ìbéèrè, ibi ìlò, ìtọ́jú. Irú méjì tí ó jọra kò gbọdọ̀ tẹ̀ lé ara wọn.

Ọjọ́ Ajé jẹ́ ti ohun èlò, ìyẹn igi. Igi ọmọ̀ tàbí apá ni àwọn agbẹ́gi máa ń lò fún ara dùndún, àwọn onílù a sì máa sọ pé ọmọ̀ tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà ni ó dára jù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn láti ìgbà tí ó ti wà lórí ìdúró. Ìtàn kékeré yìí nìkan ti tó fún ìṣẹ́jú kan. Ìlù yóò sọ pé, "Igi gogoro má gùn mí lójú."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ́ ti ènìyàn. Àyàn ni orúkọ ìdílé àwọn onílù, ní orúkọ Àyàn Àgalú tí wọ́n gbà pé òun ni onílù àkọ́kọ́. Bí a bá gbọ́ Àyántúndé, Àyánwálé tàbí Àyándélé, a ti mọ ilé tí a ti bí ẹni náà. Ọ̀dọ́mọdé kan nínú ilé lè jókòó síwájú kámẹ́rà, kí ó máa dárúkọ àwọn ará ilé rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí àwọn fúnra wọn bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìlù rẹ̀ ni "Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ."

Ọjọ́rú ni a ó wá fi iṣẹ́ ṣíṣe hàn, awọ àti ọṣán, ìdẹ rẹ̀ sì ni "Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà." Èyí ni n ó tú palẹ̀ ní ìgbésẹ̀ tí ó kàn.

Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ti ìfiwéra: ìyáàlù àti gúdúgúdú. Ìyáàlù ni ó ń sọ̀rọ̀, òun ni ó ní ọṣán láti ojú kan dé èkejì, òun náà ni ó ní ṣaworo lẹ́nu. Gúdúgúdú kéré, ojú kan ni ó ní, ọrùn ni a ń fi kọ́, awọ méjì ni a sì fi ń lù ú dípò kọ̀ǹgọ́. Ohùn rẹ̀ kì í yí padà, nítorí náà kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dákẹ́, agbo ìlù yóò tutù. Kí a lu ìyáàlù nìkan, kí a lu gúdúgúdú nìkan, kí a wá lu àwọn méjèèjì pọ̀. Etí yóò ṣe àlàyé yòókù. Ìdẹ ọjọ́ yìí ni "Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè." Ó gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹrin etí àwọn olùwòran ti là.

Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti ìbéèrè, ọjọ́ yìí ni mo sì fẹ́ràn jùlọ. Ìdẹ tí ó ń padà wá lójoojúmọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ní ọjọ́ karùn-ún, nítorí pé olùwòran ti mọ ohun tí ó ń bọ̀. A kò ní yí ìrísí rẹ̀ padà, a ó kàn dí inú rẹ̀ lójú. Ọwọ́ kan náà, ìlù kan náà, ìbéèrè kan náà, ṣùgbọ́n sílébù méjì péré ni ìlù yóò lù: àárín, òkè. Àwọn kan yóò ní "owó" ni, àwọn kan yóò ní "ilé" ni. Ìdáhùn ọjọ́ náà ni pé gbogbo wọn gbà á, a ó sì fi èyí ṣàlàyé ìdí tí onílù kì í fi í lu ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣòro jùlọ nínú gbogbo kókó náà ni èyí, ẹni tí ó ti fi ọjọ́ mẹ́rin gbìyànjú láti gbọ́ ìlù ni yóò sì yé dáadáa. Bí a bá gbé e sí ọjọ́ Ajé, yóò já sí àlàyé olùkọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta jẹ́ ti ibi ìlò, ìyẹn ààfin, níbi tí àwọn onílù ti ń fi ìlù kí ọba, tí wọ́n sì ń fi ìlù sọ ẹni tí ó ń bọ̀ kí ó tó wọlé. Ìlù sọ pé, "Kádé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀." Kò pọn dandan kí a ya fídíò nínú ààfin, ẹ lè dúró nílé kí ẹ lu bí wọ́n ṣe ń lù ú.

Ọjọ́ Àìkú ni ìtọ́jú: bí a ṣe ń pa ìlù mọ́ kúrò nínú ìrì, bí a ṣe ń mọ̀ pé awọ ti fẹ́ ya, àti ibi tí a lè gbé e lọ fún àtúnṣe. Ìdẹ rẹ̀ ni "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ọjọ́ yìí nìkan ni a ó sọ pé a ń ta ìlù, tí a ó sì fi nọ́ńbà fóònù sí i. Bí a bá ń polówó láti ọjọ́ Ajé, ọ̀wọ́ náà yóò di ìpolówó méje.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí o tó tan kámẹ́rà

Ohun márùn-ún ni a ó kọ fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan: gbólóhùn ìlù, ohun kan ṣoṣo tí a fẹ́ kí olùwòran mọ̀, àwòrán mẹ́ta tí yóò fi í hàn, ọ̀rọ̀ tí a ó sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àti gbólóhùn tí yóò darí ènìyàn sí ọ̀la. Ẹ wo bí ti Ọjọ́rú ṣe rí.

Ohun tí a fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ni pé fífa ọṣán díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fún ìlù ní ohùn. Àwòrán mẹ́ta náà ni awọ tútù tí a ń nà bo ojú ìlù, ọwọ́ tí ń fa ọṣán, àti apá tí ó fún ìlù mọ́ ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu tí ó tẹ̀ lé ìlù nìyí:

"Kí ni ìlù sọ? Ẹ fi sọ́kàn ná. Awọ ewúrẹ́ nìyí. A ti rẹ ẹ́ sínú omi, a sì ti fá irun rẹ̀ kúrò. Nígbà tí ó ṣì tutù ni a fi ń bo ojú ìlù, torí pé bí ó bá ti gbẹ, kò ní ṣeé nà mọ́. Ọṣán sì nìyí, láti ojú kan dé ojú kejì ni ó ń lọ. A kì í fà á le lẹ́ẹ̀kan náà. A ó fà á díẹ̀, a ó jẹ́ kí awọ gbẹ díẹ̀, a ó tún fà á. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ báyìí. Ẹ tún gbọ́ ọ nígbà tí mo fún ọṣán mọ́ra. Ohun tí ìlù sọ nìyí: Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́la, ìlù kan ń bọ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀ rárá."

Ẹ kà á sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Pẹ̀lú ìlù ìbẹ̀rẹ̀ àti àyè tí a fi sílẹ̀ fún ohùn ìlù ní àárín, kò yẹ kí ó kọjá ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá kọjá, ẹ má ṣe sáré sọ ọ́; ẹ yọ gbólóhùn kan kúrò. Èyí tí ó máa ń yẹ ní yíyọ ni èyí tí ó ń ṣàlàyé ohun tí ojú ti rí.

Ẹ kíyè sí gbólóhùn ìkẹyìn. Kò sọ pé "ẹ padà wá lọ́la." Ohun tí ó ń bọ̀ ni ó sọ, ó sì fi nǹkan kan sílẹ̀ láì sọ. Bí ẹ kò bá lè kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e má tíì ní ohun gidi nínú.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ya gbogbo ìdẹ ní ìjókòó kan

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a ó lọ bá àgbà ilé. A ó kí i dáadáa, a ó sì béèrè pé: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú iṣẹ́ yìí ni kò yẹ kí a fi han ayé?" Ohun tí ó bá kà léèwọ̀, a kò ní ya á, a kò sì ní bi í ní ìdí. Ó sàn kí a mọ̀ ọ́n ṣáájú ju kí a yọ fídíò ọjọ́ kẹrin kúrò ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà.

Ìdẹ méjèèje ni kí a yà ní ìjókòó kan ṣoṣo. Ìdí rẹ̀ wà nínú awọ. Bí ojú ọjọ́ bá tutù tàbí tí òjò rọ̀, awọ yóò rọ̀, ohùn ìlù yóò sì wálẹ̀. Bí oòrùn bá ràn án, yóò le, ohùn yóò sì ga. Bí a bá ya ti ọjọ́ Ajé nínú oòrùn tí a sì ya ti Ọjọ́rú lẹ́yìn òjò, ìlù kan náà yóò dún bí ìlù méjì. Olùwòran tí ó ń gbìyànjú láti mọ òwe láti inú ohùn yóò ṣìnà. Ìjókòó kan yóò sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀, aṣọ àti ibi tí fóònù wà jẹ́ ọ̀kan náà.

Ẹ má ṣe gbé fóònù sún mọ́ ojú ìlù. Gbohùngbohùn fóònù kékeré, bí kọ̀ǹgọ́ bá ń balẹ̀ nítòsí rẹ̀, ohùn yóò fọ́, òkè àti àárín yóò sì dọ́gba. Ẹ gbé e sí bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí ìlù, kí ẹ ya gbólóhùn kan, kí ẹ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ gbọ́. Bí kò bá lè sọ ibi tí ohùn ti gòkè àti ibi tí ó ti já, ẹ sún un sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ẹnu yàtọ̀. Èyíinì ni a ó yà lọ́tọ̀ pẹ̀lú fóònù nítòsí ẹnu.

Iṣẹ́ yìí kò gbọdọ̀ bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òde ìnáwó ni àwọn onílù máa ń wà. Àárín ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó ga, ni ó dára jù, kí a sì ti gba iná sí bátìrì fóònù láti alẹ́ àná, nítorí pé a kò lè gbẹ́kẹ̀ lé iná mànàmáná lọ́jọ́ iṣẹ́. Mo gbà yín nímọ̀ràn pé kí fídíò méjèèje ti parí kí ẹ tó gbé ẹyọ kan jáde. Ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú méjì lọ́wọ́ ni ó máa ń dákẹ́ lọ́jọ́ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Gbé e jáde, kí o sì ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Ẹ yan wákàtí kan, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Alẹ́, lẹ́yìn tí ọjà ti tú tí àwọn ènìyàn ti jẹun, máa ń dára fún àwọn ará ilé. Ẹ ò ní fi ọ̀sán Jímọ̀ tàbí òwúrọ̀ Àìkú ṣe é, nítorí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì.

Bí ó bá jẹ́ sítétọ́ọ̀sì Wásáàpù ni ẹ ń lò, ẹ rántí nǹkan méjì. Lẹ́yìn wákàtí 24, fídíò náà yóò pòórá, nítorí náà ẹni tí ó bá kọ́kọ́ pàdé yín ní Ọjọ́bọ̀ kò ní rí ti ọjọ́ Ajé mọ́. Fídíò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dá dúró, kí ó má ṣe sọ pé "gẹ́gẹ́ bí a ti sọ ní àná." Èkejì ni pé àwọn tí ẹ fi nọ́ńbà wọn pamọ́, tí àwọn náà sì fi tiyín pamọ́, nìkan ni ó lè rí i. Wásáàpù dára fún àwọn oníbàárà tí ẹ ti ní. Fún àwọn tí kò mọ̀ yín rí, ẹ gbé ẹ̀dà kan náà sí Fesibúùkù tàbí Tíkítọ́ọ̀kì, níbi tí yóò wà títí.

Fún kíka àbájáde, ọ̀nà kan wà lórí Wásáàpù tí kò gba owó. Ẹ gé fídíò ọjọ́ náà sí méjì: ìdẹ àti ọ̀rọ̀ nínú ti àkọ́kọ́, ìdáhùn nínú ti kejì. Fóònù yóò fi iye ènìyàn tí ó wo ọ̀kọ̀ọ̀kan hàn. Bí ó bá jẹ́ pé 80 wo ti àkọ́kọ́ tí 70 sì dé ìdáhùn, ìdẹ náà ń ṣiṣẹ́. Bí 80 bá wò ó tí 30 péré dé ìdáhùn, àárín ni ó ti gùn jù tàbí tí kò bá òwe mu. Bí iye àwọn tí ó ń wo ti àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ bá ń dín kù lójoojúmọ́, ẹ wo wákàtí tí ẹ ń gbé e jáde àti gbólóhùn tí ẹ fi parí ti àná.

Àmì kejì ni èsì tí ń wọlé. Bí àwọn ènìyàn bá ń fi èsì ránṣẹ́ ṣùgbọ́n tí gbogbo wọn ń ṣì í, òwe náà ti ṣòro jù. Bí gbogbo wọn bá gbà á kí ìṣẹ́jú márùn-ún tó kọjá, ó ti rọrùn jù. Ohun tí a ń wá ni kí díẹ̀ gbà á, kí àwọn yòókù máa jiyàn. Nítorí pé a ti ya gbogbo ìdẹ sílẹ̀, kò sí ìdí láti tún wọn yà. Bí ti Ìṣẹ́gun bá ṣòro jù, ẹ kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú òwe Ọjọ́rú sí ojú fídíò náà, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún èyí tí ó kù. Bí ó bá rọrùn jù, ẹ má kọ nǹkan kan, ẹ kàn fi ìṣẹ́jú àáyá méjì sí i láàrin ìlù àti ìbéèrè, kí wọ́n lè rò ó.